Lẹ́tà tí mo ń fi bá iṣẹ́ tí mo ti máàkì padà sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí mo bá ti máàkì ìwé ìdánrawò tán, mo máa ń fi lẹ́tà ojú ìwé kan há inú rẹ̀ kí ó tó padà sọ́wọ́ ọmọ tí ó ni ín. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti àwọn òbí kan ti bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè nípa lẹ́tà yìí, mo sì kó wọn jọ síbí. Kí ọ̀rọ̀ má baà fò káàkiri, iṣẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ni n ó máa tọ́ka sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọbìnrin ni, ó wà ní ọdún kìn-ín-ní girama àgbà, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ogún ìbéèrè ni ó wà nínú ìwé ìdánrawò náà: mẹ́jọ àkọ́kọ́ ní kí a yí àkọtọ́ àtijọ́ sí ti òde òní, mẹ́jọ tí ó tẹ̀ lé e ní kí a fi àmì ohùn sí gbólóhùn, mẹ́rin ìkẹyìn sì ní kí a sún ọ̀rọ̀ méjì kì di ọ̀kan.

Máàkì ti wà lórí ìwé, ilà pupa sì ti wà lábẹ́ àṣìṣe. Kí ni lẹ́tà tún ń wá níbẹ̀?

Ọmọ yìí gba 9 nínú 20, ilà pupa mọ́kàndínlógún ni ó sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣí ìwé náà láìsí lẹ́tà, ohun tí yóò rí ni pé òun ṣe àṣìṣe mọ́kàndínlógún, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú mọ́kàndínlógún yẹn, mẹ́tàlá jáde láti inú àṣà méjì péré. Ẹni tí ó bá tún àṣà méjì náà ṣe ti tún ohun tí ó ju ìdajì ilà pupa náà ṣe, ṣùgbọ́n kò sí bí báírò ṣe lè sọ èyí fún un. Ibi tí nǹkan ti wọ́ nìkan ni báírò lè fi hàn. Lẹ́tà ni ó ń sọ ohun tí ó wọ́ ọ.

Báwo ni ẹ ṣe ń mọ àṣìṣe tí ó ń padà wá yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn bọ́ lọ́wọ́ ọmọ?

Bí mo bá máàkì tán, mo máa ń gbé báírò pupa sílẹ̀, n ó sì mú àjákù ìwé kan. Mo máa ń da gbogbo ohun tí ọmọ náà kọ tí kò tọ̀nà kọ sórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́, láìkọ àtúnṣe kankan sí i. Ìdí tí n kì í fi í kọ àtúnṣe ni pé àtúnṣe máa ń fi ohun tí ó wà lọ́kàn èmi olùkọ́ hàn mí, ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ ni mo sì ń wá.

Nínú iṣẹ́ ọmọ yìí, ohun tí mo rí lórí àjákù ìwé náà nìyí. Ó kọ *rà ẹran*, *tà epo*, *gbà owó*, *kà ìwé*, *bù omi*, *fọ̀ aṣọ* àti *wọ̀ aṣọ*. Méje nìyẹn, ojú kan náà ni wọ́n sì ní. Ó kọ *nígbàtí*, *nítorípé*, *gẹ́gẹ́bí*, *wípé*, *lẹ́yìntí* àti *bótilẹ̀jẹ́pé*, èyí sì jẹ́ mẹ́fà. Ó kọ *ná* dípò *náà*, *dáda* dípò *dáadáa*, àti *òtọ́* dípò *òótọ́*. Mẹ́ta tí ó ṣẹ́kù kò bá ara wọn tan: ó gbàgbé àmì abẹ́ lára *ṣ* kan, ó kọ *ọmọn* níbi kan, ó sì kọ *ọkọ* níbi tí *ọkọ̀* ti yẹ kí ó wà.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé, ǹjẹ́ ọmọ yìí ti kọ irú rẹ̀ dáadáa níbòmíràn, nínú ipò kan náà? Àmì abẹ́ *ṣ* pé ní gbogbo ibi yòókù tí ó ti lò ó, nítorí náà ìkánjú ni èyí tí ó sọnù, kò sì yẹ kí ó wà lára àṣìṣe tí lẹ́tà ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan ṣoṣo tí ó ti ya *nígbà* sọ́tọ̀ kúrò lára *tí*. Àṣà nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní *nínú ipò kan náà*. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ ṣì mí lọ́nà nínú iṣẹ́ yìí gan-an. Ọmọ náà kọ *Bàbá rà ẹran* ní ìbéèrè 9, èyí tí kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó kọ *Ẹran ni bàbá rà* ní 14 àti *Ó rà á ní ọjà* ní 16, méjèèjì sì tọ̀nà. Mo kọ́kọ́ sọ pé, à á, ó mọ̀ ọ́n, ìkánjú ni ti 9. Ìgbà tí mo tún un wò ni mo rí i pé kò mọ ìyàtọ̀ kankan láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: *rà* kan náà ni ó ń kọ níbi gbogbo, ó kàn bọ́ sí i ní ibi méjì ni.

Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ *rà ẹran*, nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu?

Nítorí pé ó mọ nǹkan ni. Bí ẹ bá ní kí ó pe ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní òun nìkan, *rà* ni yóò pè, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, òótọ́ sì ni. Ohun tí kò tí ì mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń di ohùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. *Rà* di *ra ẹran*, *tà* di *ta epo*, *wọ̀* di *wọ aṣọ*. Bí ó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ bíi *á* tàbí *mí* ni ó tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ kò ní yí padà: *rà á*, *gbà mí*. Bí a bá sì ti gbé àbọ̀ lọ síwájú gbólóhùn, tí kò sí ohun tí ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà mọ́, ohùn ìsàlẹ̀ náà ni yóò wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí 14 àti 16 fi tọ̀nà.

Ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. *Rí* kì í yí padà nínú *rí owó*, bẹ́ẹ̀ ni *jẹ* kò yí padà nínú *jẹ iṣu*. Ó yẹ kí lẹ́tà sọ èyí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àmì lára gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá rí.

Ìdí kejì wà tí àṣìṣe yìí fi pọ̀, àwa olùkọ́ ni a sì dá a sílẹ̀. Nínú ìkọsílẹ̀ Yorùbá, a kì í fi àmì sí fáwẹ̀lì tí ó ní ohùn àárín. Ọmọ tí wọ́n ti gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà nítorí pé kò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ ti di ẹni tí ẹ̀rù fáwẹ̀lì òfìfo ń bà. Bí ó bá rí *ra* láìsí ohunkóhun lórí *a*, ojú iṣẹ́ tí a kò ṣe parí ni ó fi ń wò ó, yóò sì yára fi nǹkan sí i. Mo ti rí ọmọ tí ó pa àmì kan rẹ́ tí ó tún dá a padà lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ kan náà, tí ìwé náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

Ọ̀nà tí mo máa ń fún wọn láti dán ara wọn wò ni pé kí wọ́n fi *á*, *ọ́* tàbí irú arọ́pò-orúkọ bẹ́ẹ̀ rọ́pò àbọ̀, kí wọ́n sì fetí sí ẹnu ara wọn. Ó *rà á*: ohùn ìsàlẹ̀ ni etí gbọ́, nítorí náà bí *ẹran* bá padà síbẹ̀, àmì gbọ́dọ̀ kúrò. Ó *pa á*: ohùn àárín ni, kò sí àmì tẹ́lẹ̀, kò sì ní sí nínú *pa ewúrẹ́*. Ọmọ tí ó ń sọ Yorùbá nílé kò nílò òfin ju èyí lọ, nítorí ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kí ó tó dé ilé-ẹ̀kọ́.

Ti *nígbàtí* ńkọ́? Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé gan-an nìyẹn?

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú àwọn ìwé àtijọ́ ni. Àkọtọ́ tí ìpàdé àwọn oníwàásù Ṣọ́ọ̀ṣì Míṣọ̀n ní Èkó fọwọ́ sí ní ọdún 1875 ni a fi tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìgbà náà, ọdún 1974 ni ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní fún ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n Bíbélì àti ìwé orin tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ṣì wà ní àkọtọ́ àtijọ́, níbi tí *nigbati*, *nitoripe* àti *araiye* ti kún inú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń ka Bíbélì pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀ ní alaalẹ́ ti rí *nigbati* ní ìgbà tí kò níye kí ó tó pàdé mi. Bí mo bá kọ *o kò fara balẹ̀* sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ó fara balẹ̀, ìwé mìíràn ni ó fara balẹ̀ kà.

Ìdánwò tirẹ̀ rọrùn. Bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá lè bá ẹlòmíràn rìn, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. A lè sọ pé *nígbà yẹn*, a lè sọ pé *nítorí rẹ̀*, a lè sọ pé *lẹ́yìn náà*. Nítorí náà *tí* àti *pé* kò ní ẹ̀tọ́ láti lẹ̀ mọ́ wọn lára.

Ẹ̀yin rí àṣìṣe mọ́kàndínlógún. Mélòó ni ẹ fi sínú lẹ́tà?

Àṣà méjì. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní fara mọ́ èyí, pàápàá àwọn òbí tí wọ́n ń sanwó. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo kọ lẹ́tà kan tí ó ní ohun mọ́kànlá nínú fún ọmọkùnrin kan, mo tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Nígbà tí ó mú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e wá, mọ́kọ̀ọ̀kànlá wà níbẹ̀ láìdín ọ̀kan. Ó ṣì ká lẹ́tà náà sínú ìwé rẹ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin, ó mọ́ tónítóní. Kò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ mú ni.

Fáwẹ̀lì gígùn, ìyẹn *náà*, *dáadáa* àti *òótọ́*, mo fi í sílẹ̀ de lẹ́tà tí ń bọ̀. Mo ti tún un ṣe lórí iṣẹ́ náà, ilà pupa wà lábẹ́ rẹ̀, n kò sì purọ́ pé ó dára. N kò kàn sọ̀rọ̀ lé e lórí ni.

Ọ̀rọ̀ ìyìn ńkọ́? Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà tàbí ìparí?

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń bá ọmọ wí, kí a sì fi òsì fà á mọ́ra, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ka òwe yìí sí ètò ìkọ̀wé: ìbáwí ní ìpínrọ̀ mẹ́ta, ìfàmọ́ra ní ìlà kan ní ìsàlẹ̀, *tún gbìyànjú sí i*. Ọmọ kì í ka ìlà yẹn. Ó ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ kí ó tó ṣí lẹ́tà.

Ìyìn tí ọmọ gbà gbọ́ ni èyí tí ó ní nọ́ńbà ìbéèrè nínú. Ọmọ yìí kọ *Ẹran ni bàbá rà* dáadáa ní 14, mo sì lè fi ìyẹn yìn ín, nítorí pé inú 14 gan-an ni àtúnṣe 9 ti ń bọ̀. Bákan náà, nínú iṣẹ́ tí ó ṣáájú, ibi mẹ́jọ ni ó ti gbàgbé àmì abẹ́ *ẹ*, *ọ* àti *ṣ*. Ní báyìí, ibì kan ṣoṣo ni. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ sọ, nítorí pé ó ṣiṣẹ́ fún un, kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ fi pa á lójú dé kí n tó fún un ní èyí tí ó korò. Bí n kò bá rí ohun gidi kan tọ́ka sí, mo máa ń tún iṣẹ́ náà kà ni. N kò tí ì rí iṣẹ́ tí kò ní nǹkan kan.

Ṣé *o* ni a ó lò tàbí *ẹ*?

*O* ni fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Bí mo bá kọ *ẹ* sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, yóò rò pé mo ń bínú tàbí pé mo ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. *Ẹ* ni mo ń lò fún wọn, *ẹ káre* ni mo sì ń kọ, kì í ṣe *o káre*. Ọ̀nà ìkọ lẹ́tà náà wà láàárín lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ àti lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀: mo máa ń kọ ọjọ́, ṣùgbọ́n n kì í kọ àdírẹ́sì, nítorí pé ọwọ́ sí ọwọ́ ni mo ń fún un.

Ẹ jẹ́ kí a rí ọ̀kan.

Èyí tí mo kọ fún ọmọ náà nìyí. Orúkọ nìkan ni mo yọ kúrò.

> Ọmọ mi ọ̀wọ́n,
>
> O kú iṣẹ́. Mo ti ka ìdánrawò rẹ láti 1 dé 20. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni àmì abẹ́, nítorí pé òun ni a jọ sọ nígbà tí ó kọjá. Ibi mẹ́jọ ni o ti gbàgbé rẹ̀ nígbà náà, ibì kan ni mo rí báyìí, ní 19. O káre.
>
> Ilà pupa tí ó wà lára iṣẹ́ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n má kà wọ́n. Nǹkan méjì ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.
>
> Wo 9, kí o sì wo 14. Ní 9, o kọ *Bàbá rà ẹran*. Ní 14, o kọ *Ẹran ni bàbá rà*. Èkejì tọ̀nà, ti àkọ́kọ́ kò tọ̀nà. Ka méjèèjì sókè, kí o má wo ìwé nígbà tí o bá ń pè é. Ṣé o gbọ́ ọ pé ohùn rẹ kò lọ sísàlẹ̀ lórí *ra* nígbà tí *ẹran* wà lẹ́yìn rẹ̀? O mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ ni *rà* ní, o sì fi í síbi gbogbo. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín, a kì í sì í fi àmì sí ohùn àárín. Má bẹ̀rù láti fi *a* sílẹ̀ láìsí nǹkan lórí rẹ̀. Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ ní 10, 11, 13 àti 15. Má fọwọ́ kan 12 ní tirẹ̀: *rí owó* tọ̀nà bí o ṣe kọ ọ́, nítorí pé ohùn òkè kì í yí padà.
>
> Èkejì wà ní 2, 3, 5 àti 7. O so *nígbà* mọ́ *tí*, o sì so *nítorí* mọ́ *pé*. Mo mọ̀ pé o ti rí wọn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, ìwé náà kò sì ṣe àṣìṣe, àkọtọ́ ìgbà tirẹ̀ ni ó lò. Nínú àkọtọ́ tiwa, bí o bá lè sọ *nígbà yẹn*, ọ̀rọ̀ kan ni *nígbà*, ọ̀rọ̀ mìíràn ni *tí*.
>
> Ilà tí mo fà sí 18, èmi ni mo ṣì í fà. *Kàwé* tí o kọ tọ̀nà. Mo ti fún ọ ní máàkì rẹ̀, má bínú.
>
> Tún 9, 10 àti 11 kọ fún mi kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí o sì kọ gbólóhùn méjì tìrẹ tí *nígbà tí* wà nínú wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá wù ọ́, wá bá mi ní àkókò ìsinmi kí a jọ kà á sókè.
>
> Èmi ni,
> Olùkọ́ rẹ

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 18?

Ìtìjú mi ni. Ìbéèrè náà ní kí a sún *ka* àti *iwe* kì, ọmọ náà sì kọ *kàwé*. Lẹ́yìn tí mo ti fa ilà pupa sí *kà ìwé* ní 11, ọwọ́ mi ti gbóná, mo rí *kà* mìíràn, mo sì fa ilà sí i. Ìgbà tí mo ń to nǹkan sórí àjákù ìwé ni mo rí ohun tí mo ṣe. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí *kàwé* kì í ṣe ti ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ti *ì* tí ó wà níwájú *ìwé* ni. Fáwẹ̀lì náà lọ, ó fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo *kọ ìwé* tí ó di *kọ̀wé*: *kọ* kò ní ohùn ìsàlẹ̀ rí, níbo ni ó ti rí i bí kì í bá ṣe lára *ìwé*? *Ra ẹran* ní tirẹ̀ di *rẹran* láìsí àmì níwájú, nítorí pé ohùn àárín ni *ẹran* fi bẹ̀rẹ̀.

Mo fi í sínú lẹ́tà nítorí pé bí mo bá kàn rọra pa ilà náà rẹ́, ọmọ náà yóò rí ojú rẹ̀, kò sì ní mọ èyí tí ó tọ̀nà. Ilà yẹn kò sí nínú mọ́kàndínlógún, máàkì 18 sì wà nínú 9 tí ó gbà.

Ẹ kò kọ ìdáhùn tí ó tọ̀nà fún un ní gbogbo ibẹ̀. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Lórí àwọn àṣìṣe tí ó dá dúró, mo kọ ọ́, nítorí kò sí nǹkan tí ọmọ lè wá jáde níbẹ̀. Lórí àṣà méjì tí lẹ́tà dárúkọ, mo fa ilà nìkan. Bí mo bá kọ *ra ẹran* sókè ní 9, ohun tí yóò ṣe ni pé yóò dà á kọ, yóò sì fún mi padà.

Bí ó bá jẹ́ èdè àdúgbò ni ó fa àṣìṣe náà ńkọ́?

Mo máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ọmọ Èkìtì tí ó kọ *ulé* kò ṣe àṣìṣe Yorùbá. Yorùbá ilé rẹ̀ ni ó kọ, ìdánrawò sì béèrè fún Yorùbá àjùmọ̀lò. Ìlà kan tó fún èyí nínú lẹ́tà, kò sì gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ *àìmọ̀* nínú.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó yá tó kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ ọmọ?

Kí ó tó gbàgbé ohun tí ó ń rò nígbà tí ó ń kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe òdiwọ̀n fún ara mi. Nínú kíláàsì tí ó ní ọmọ tí ó pọ̀, n kì í lè kọ ọ́ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ìdá mẹ́ta kíláàsì ni ó máa ń rí lẹ́tà gbà lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù a sì gba máàkì lásán títí yóò fi kàn wọ́n.

Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé lẹ́tà náà ṣiṣẹ́?

Ìdánrawò tí ó tẹ̀ lé e ni mo fi ń mọ̀, mo sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tí lẹ́tà sọ sínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọmọ náà ní ibi mẹ́jọ tí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ti ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Mẹ́fà tọ̀nà. *Nígbàtí* yọjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ti fi lẹ́ẹ̀dì fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín rẹ̀ kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìbéèrè 5, níbi tí ì bá ti kọ *Aṣọ ni ìyá tà*, *Aṣọ ni ìyá ta* ni ó kọ. Irú gbólóhùn tí ó gbà ní 14 ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ó wá ṣì báyìí, nítorí pé ó ti mọ òfin náà, kò sì tí ì mọ ibi tí ó pin sí. Mo fa ilà sí i, mo sì mú ìwé tuntun láti kọ lẹ́tà mìíràn sí i, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 5.